TikTok Síta, Ìwé Sílé: Bí O Ṣe Lè Fi Fóònù Kan Ṣoṣo Kàwé fún UTME

Bí ìdánwò JAMB bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè kan náà ló máa ń wọlé ṣáá: "Áàpù wo ni mo lè fi ti TikTok pa títí màá fi ṣe ìdánwò tán?" Fóònù Android kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà lọ́wọ́ ẹni tó ń béèrè, Tecno, Infinix tàbí itel. Orí fóònù yẹn náà ni ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá wà, orí rẹ̀ ni áàpù CBT wà, orí rẹ̀ sì ni tíṣà lẹ́sìn ti ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Kò ṣeé gbé fún màmá kó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa: bó o bá kàn yọ TikTok kúrò, kì í pẹ́ padà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí Play Store, ó ti dé, àkáǹtì rẹ sì ń dúró dè ọ́ bó o ṣe fi í sílẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí áàpù náà wà níbẹ̀, àmọ́ kó má ṣeé ṣí ní wákàtí tó o yà sọ́tọ̀ fún ìwé, kí ọ̀nà ẹ̀bùrú tó wọ inú rẹ̀ náà sì ti di. Irinṣẹ́ àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ yìí ti wà nínú fóònù rẹ, Digital Wellbeing ni wọ́n ń pè é. Ọ̀fẹ́ ni.

## Kó o tó bẹ̀rẹ̀

- Wá Digital Wellbeing nínú fóònù rẹ: ṣí Settings, kó o wá "Digital Wellbeing & parental controls" lọ sísàlẹ̀. Bí o kò bá rí i, tẹ orúkọ náà sínú àpótí ìwákiri tó wà lókè Settings. Àwọn fóònù pọ́ọ́kú kan kò ní in. Bí tìẹ bá jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ka ìgbésẹ̀ 2, lẹ́yìn náà kó o bọ́ sí apá AppBlock nísàlẹ̀.
- Mú wákàtí tó o máa fi kàwé, kó o kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, agogo 4 sí agogo 6 ìrọ̀lẹ́ ni. A mú wákàtí 2 nítorí pé iye àkókò UTME gan-an nìyẹn: ìbéèrè 180 ní wákàtí 2, 60 nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn iṣẹ́ mẹ́ta yòókù.
- Wá ẹnì kan nínú ilé tó máa bá ọ mú nọ́ńbà àṣírí kan dání. Ẹ̀gbọ́n dára. Àbúrò kò dára, torí wàá halẹ̀ mọ́ ọn.

## Ìgbésẹ̀ 1: Wo ibi tí àkókò ń gbà lọ

Má tíì ti ohunkóhun pa. Ṣí Digital Wellbeing, kó o tẹ Dashboard. Wàá rí iye wákàtí tó o lò lórí áàpù kọ̀ọ̀kan lónìí, wàá sì lè padà sí àná àti ìjẹta. Wo ọjọ́ mẹ́ta, kì í ṣe ọjọ́ kan, torí pé ọjọ́ tí dátà bá tán máa ń parọ́.

Nǹkan méjì mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Ọ̀kan ni iye ìgbà tó o ṣí fóònù, tí wọ́n pè ní unlocks. Èkejì ni iye ìfitónilétí tí áàpù kọ̀ọ̀kan fi ránṣẹ́, ìyẹn notifications.

Ká sọ pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan rí nìyí: TikTok wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 10, WhatsApp wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 40, YouTube ìṣẹ́jú 55, Facebook Lite ìṣẹ́jú 30. Ó ṣí fóònù ní ìgbà 96. Ìfitónilétí WhatsApp jẹ́ 210, ti TikTok jẹ́ 14. Ojú máa kọ́kọ́ lọ sára TikTok, torí òun ló jẹ wákàtí jù. Ṣùgbọ́n wo ìfitónilétí yẹn dáadáa. TikTok kọ́ ló ń pè é kúrò nídìí ìwé, WhatsApp ni. Ó ṣí fóònù kó lè dáhùn ọ̀rọ̀ kan nínú gúrúùpù kíláàsì, ó parí ìyẹn, ọwọ́ sì yà sórí TikTok. Ẹni tó bá ti TikTok nìkan pa nínú irú ọ̀rọ̀ yìí ti ti ilẹ̀kùn, ó fi fèrèsé sílẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 2: Gba ohun tó o nílò jáde nínú WhatsApp

Ibí yìí ni ètò ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bà jẹ́. Wọn kò lè ti WhatsApp pa torí pé PDF Kẹ́mísìrì wà nínú rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò le:

1. Kí agogo 4 tó lù, wọ gúrúùpù lẹ́sìn, kó o ṣí PDF tàbí fọ́tò tó o máa kà lónìí.
2. Tẹ àmì tóótòtó mẹ́ta òkè, kó o fi PDF náà pa mọ́ sínú fóònù. Ṣí áàpù Files, kó o rí i dájú pé ó wà nínú Downloads tàbí Documents.
3. Bó bá jẹ́ fídíò tàbí ohùn ni tíṣà fi ránṣẹ́, wà á jáde nísinsìnyí, kì í ṣe nígbà tó o bá ti jókòó.
4. Fún gúrúùpù ọlọ́rọ̀ púpọ̀, ṣí i, tẹ orúkọ rẹ̀ lókè, wọ ibi Notifications tàbí Mute, kó o yan Always. Lẹ́yìn náà, archive rẹ̀. Kò ní jáde sókè mọ́ bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ kọ̀wé síbẹ̀.

Bí o bá ní bàbá tàbí àǹtí ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston tó máa ń fi WhatsApp pè, sọ fún wọn pé ìpè kò ní wọlé láàárín agogo 4 sí 6. Bó bá jẹ́ pàjáwìrì, kí wọ́n pe nọ́ńbà lásán. Bí o kò bá sọ fún wọn, wọ́n á pe màmá, màmá á sì ní kó o ṣí WhatsApp kíá.

## Ìgbésẹ̀ 3: Tan Focus mode

Focus mode ni yóò ti àwọn áàpù tó o bá yàn pa lẹ́ẹ̀kan náà. Àwòrán wọn á ṣì wà lójú fóònù, ṣùgbọ́n á di eérú. Bó o bá tẹ̀ ẹ́, á sọ fún ọ pé áàpù náà ń sinmi. Ìfitónilétí wọn náà kò ní yọjú títí Focus mode á fi parí.

1. Wọ Digital Wellbeing, tẹ Focus mode.
2. Fi àmì sí TikTok, Instagram, Facebook, X, Snapchat, WhatsApp, àti géèmù tó o bá ń ta.
3. Wo orúkọ tó fara jọra. Facebook Lite yàtọ̀ sí Facebook, TikTok Lite yàtọ̀ sí TikTok, WhatsApp Business yàtọ̀ sí WhatsApp. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní àpótí tirẹ̀.
4. Má fi àmì sí áàpù CBT, Files, ẹ̀rọ ìṣírò, Gmail àti áàpù Messages. E-mail àti SMS ni JAMB máa ń gbà bá èèyàn sọ̀rọ̀.
5. Tẹ "Set a schedule", yan agogo 4 sí 6 ìrọ̀lẹ́ àti àwọn ọjọ́ tó o fẹ́. Nísinsìnyí, á máa tan fúnra rẹ̀, kò ní dúró de ìgbà tó bá wù ọ́.

Ọ̀rọ̀ YouTube le díẹ̀, torí pé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, eré Shorts náà sì wà níbẹ̀. Bí fídíò kan bá pọn dandan, wà á jáde kí agogo 4 tó lù bíi ti PDF. Bí kò bá ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, wọ inú ètò YouTube, kó o pa Watch history, kó o sì nu èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú ìwé àkọ́kọ́ á ṣófo, kò ní rí ohun tó máa gbé síwájú rẹ, ìwọ fúnra rẹ ló máa tẹ orúkọ ohun tó o ń wá.

Bọ́tìnì kan wà tó ń jẹ́ "Take a break". Òun ni ihò inú garawa yìí. Bó o bá gbọ́dọ̀ lò ó, ìṣẹ́jú 5 ni kó o mú, ẹ̀ẹ̀kan láàárín wákàtí 2, lẹ́yìn tó o bá ti parí iṣẹ́ kan pátápátá. Bó o bá rí i pé o ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan, Focus mode nìkan kò ní tó ọ. AppBlock lókù.

## Ìgbésẹ̀ 4: Fi òpin sí àkókò ìyókù, kó o sì ṣọ́ agogo 12 òru

Kò sí ẹni tó ní kó o má wo TikTok rárá. Nínú Dashboard, tẹ àmì agogo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ TikTok, kó o fún un ní òṣùwọ̀n ọjọ́ kan. Má já a láti wákàtí 2 sí ìṣẹ́jú 10 lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń yọ òṣùwọ̀n náà kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Fún akẹ́kọ̀ọ́ inú àpẹẹrẹ wa tó ń lo ìṣẹ́jú 130, ìṣẹ́jú 80 ni mo máa fi sí i lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, 45 lọ́sẹ̀ kejì, 30 lọ́sẹ̀ kẹta.

Wàyí o, ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nìyí. Òṣùwọ̀n yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ní agogo 12 òru. Agogo 12 òru yẹn náà ni dátà òru tó pọ́ọ́kú máa ń ṣí. Nítorí náà, ẹni tó ti lo ìṣẹ́jú rẹ̀ tán ní agogo 9 alẹ́ yóò jí ní agogo 12 pé òun fẹ́ wa fídíò Físíìsì, yóò bá dátà rẹpẹtẹ, yóò sì bá ìṣẹ́jú 80 tuntun nínú TikTok. Agogo 2 á lù, Físíìsì ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Bí dátà òru ni ìwọ náà fi ń kàwé, ṣe é báyìí:

1. Kọ orúkọ àwọn fídíò tàbí fáìlì tó o fẹ́ wà sórí ìwé kó o tó sùn. Mẹ́ta tó.
2. Kó o tó tan dátà, fa ojú fóònù láti òkè wá sísàlẹ̀, kó o tẹ bọ́tìnì Focus mode. Bí kò bá sí níbẹ̀, tẹ àmì ìkọ̀wé láti gbé e wá sí àárín àwọn bọ́tìnì yòókù.
3. Wa ohun mẹ́ta náà jáde, pa dátà, padà lọ sùn. Ìrọ̀lẹ́ ni wàá wò ó.

## Ìgbésẹ̀ 5: Dí ọ̀nà ẹ̀bùrú

Lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ọpọlọ rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ihò. Ibi mẹ́rin ló sábà máa ń gbà:

- Búráúsà. Instagram ti di eérú, àmọ́ instagram.com ń ṣí nínú Chrome. Nínú Dashboard, ṣí Chrome, kó o wò bóyá ó ń fi àwọn ojú òpó tó o lọ hàn, kó o sì fi òṣùwọ̀n sí i níbẹ̀. Búráúsà yòókù bíi Phoenix àti Opera Mini, fi wọ́n sínú Focus mode pátápátá. Chrome kan ti tó ìwé kíkà.
- Áàpù kejì. Bí fóònù rẹ bá lè sọ áàpù kan di méjì, wò ó bóyá WhatsApp kejì ti wà níbẹ̀ tí o kò rántí.
- Agogo fóònù. Àwọn kan máa ń yí déètì síwájú kí òṣùwọ̀n lè tún bẹ̀rẹ̀. WhatsApp á ké pé déètì kò dáa, áàpù CBT tó ń ka ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ lè sọ pé tìẹ ti parí. Fi déètì sílẹ̀ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì.
- Fóònù ẹlòmíì. Èyí kò ní áàpù. Jókòó síbi tí kò ti sí ẹlòmíì tó ń tẹ fóònù.

## Bí ọwọ́ rẹ bá ṣì ń pa Focus mode: AppBlock

Digital Wellbeing kò ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn náà ló lè ṣí i. Ìdí nìyí tí a fi ń lo áàpù bíi AppBlock, tó ní ohun tó ń jẹ́ Strict Mode: bó bá ti tàn, o kò lè yí ètò rẹ̀ padà, o kò sì lè yọ áàpù náà kúrò títí àkókò tó o fún un fi máa pé.

1. Wà á láti Play Store nìkan. Má gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ lórí Xender. Láti Android 13 síwájú, áàpù tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé máa ń kọsẹ̀ nígbà tó o bá fẹ́ fún un láṣẹ, wàá kàn rí "Restricted setting".
2. Ó máa béèrè àṣẹ láti mọ áàpù tó o ń lò, ìyẹn Usage access, àti àṣẹ Accessibility. Láìsí wọn, kò lè ṣiṣẹ́. Ìkìlọ̀ wà níbí: áàpù tó bá ní Accessibility lè rí ohun tó wà lójú fóònù rẹ. Má fún áàpù tí o kò mọ̀ rí láyè yìí, pàápàá lórí fóònù tí áàpù báńkì màmá wà.
3. Kó gbogbo áàpù tó o fẹ́ tì sínú àtòjọ kan ṣoṣo. Ẹ̀yà ọ̀fẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn ṣe àtòjọ púpọ̀.
4. Lo ó fún ọjọ́ méjì láìtan Strict Mode. Èyí ṣe pàtàkì. Àwọn tó tan án lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń rí i ní agogo 4 pé àwọn ti ti Files mọ́ ọn.
5. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, tan Strict Mode. Bó bá béèrè nọ́ńbà àṣírí, jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tẹ̀ ẹ́, kó sì kọ ọ́ síbi tí o kò ní rí.

Bí kò bá ṣiṣẹ́ lórí Tecno tàbí Infinix. Àmì rẹ̀ ni pé ó ti TikTok pa fún bí ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà TikTok bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí ẹni pé kò sí nǹkan. AppBlock kọ́ ló bàjẹ́. Fóònù ló pa á kí bátìrì má bàa tán. Ṣí Settings, wọ Apps, wá AppBlock, tẹ Battery, kó o yan Unrestricted tàbí "Don't optimize". Lẹ́yìn náà, ṣí Phone Master, wá Auto-start, kó o jẹ́ kí AppBlock lè bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Má sì tẹ bọ́tìnì tó ń gbá inú fóònù mọ́ láàárín wákàtí ìwé, torí á gbá a mọ́ àwọn yòókù. Lẹ́yìn tó o bá ti ṣe èyí, pa fóònù, tún un tàn, kó o gbìyànjú láti ṣí TikTok kí wákàtí rẹ tó bẹ̀rẹ̀.

## Ìgbà wo ni Forest dára?

Forest máa ń gbin igi kan fún iye ìṣẹ́jú tó o bá dá. Bó o bá jáde kúrò nínú rẹ̀, igi á kú. Ó dùn, ó sì ń ran àwọn èèyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n mọ ohun tó wà fún. Ó dára fún ọjọ́ tó o bá ń ka ìwé gidi tàbí tó o ń ṣe ìṣirò lórí pépà. Lọ́jọ́ tó o bá ń lo áàpù CBT lórí fóònù kan náà, àtijáde sínú CBT náà lè pa igi, àfi tó o bá ti fi CBT sí àtòjọ àwọn tó gbà láyè. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 25, máa fi 10 kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Igi pọ̀ kò túmọ̀ sí pé ìwé yéni o. Kọ iye ìbéèrè tó o gbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kọ̀ọ̀kan.

## Bó bá jẹ́ iPhone

Settings, lẹ́yìn náà Screen Time. Lo Downtime fún wákàtí ìwé, App Limits fún òṣùwọ̀n ọjọ́. Bí kò bá sí nọ́ńbà àṣírí, bọ́tìnì "Ignore Limit" á wà níbẹ̀, ìwọ náà á sì máa tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n fi Screen Time passcode sí i, kó tan "Block at End of Limit". Bí fóònù bá wá béèrè àkáǹtì Apple tí wọ́n á fi gba nọ́ńbà náà padà bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, tiẹ̀ ni kó fi sí i, kì í ṣe tìẹ. Bó bá jẹ́ tìẹ, o lè tún nọ́ńbà náà ṣe fúnra rẹ láàárín ìṣẹ́jú méjì.

## Fún ẹ̀yin òbí

Family Link ti Google máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ ṣètò òṣùwọ̀n fóònù ọmọ láti orí fóònù tiyín. Ẹ jókòó pẹ̀lú ọmọ, kẹ́ ẹ jọ yan wákàtí náà. Ọmọ tí wọ́n bá kàn bá fóònù rẹ̀ ní títì á yá fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì rán an níṣẹ́ láàárín agogo 4 sí 6, torí ìwọ̀nyẹn náà ń já ọkàn ẹni kúrò nídìí ìwé bíi WhatsApp.

## Wò ó lọ́jọ́ Sátidé

- Iye ìgbà tó o ṣí fóònù láàárín wákàtí ìwé: ó ń dín kù bí?
- "Take a break": ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ yìí?
- Áàpù tuntun wo ló gòkè nínú Dashboard? Bí TikTok bá sọ̀kalẹ̀ tí YouTube gòkè pẹ̀lú iye kan náà, o kàn ti ilé kan kó lọ sí òmíràn ni.
- Ìbéèrè CBT mélòó lo dáhùn láàárín wákàtí 2 láìdìde?

Bí Strict Mode bá béèrè ọjọ́ tó máa parí, fi ọjọ́ ìdánwò rẹ gan-an sí i, kì í ṣe ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Tẹ ìwé ìdánwò tó ní gbọ̀ngàn àti wákàtí rẹ jáde sórí pépà kó o tó tan án, torí pé bí fáìlì náà bá wà nínú WhatsApp nìkan, tí AppBlock sì ti tì í pa nígbà tó o nílò rẹ̀, o kò ní lè ṣí i.